Ọ̀rẹ́ Tuntun Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Bí ẹ bá gba fóònù mi wò lọ́jọ́ ìbí mi, ẹ ó rò pé mo fẹ́ díje fún ipò alága káńsù ni. Wọ́n á gbé fọ́tò mi sórí gbogbo gúrúùpù Wáàsáàpù: ti ilé ìwé, ti ibi iṣẹ́, ti àdúgbò, ti mọ̀lẹ́bí, ti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo máa ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọmọlúàbí ni wọ́n bí. Àmọ́ ìgbà kan wà tí dókítà fún mi ní èsì àyẹ̀wò tó dẹ́rù bà mí, tí mo ń yí orúkọ inú fóònù yẹn lókè lódò ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí mi ò sì rí ẹni tí mo lè pè. Ìyàwó mi wà nítòsí o. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù náà bà kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gba Máìlì 12, Kétu àti Ọjọ́ta kọjá lójoojúmọ́ kò lè sọ pé òun ò rí èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, òde tún wà. A ó wọ aṣọ ẹbí kan náà, a ó jókòó yí tábìlì ká ní ẹni mẹ́wàá, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ẹgbẹ́ olórin á sì wà lẹ́yìn wa gbọọrọ. Ohun tí èèyàn lè bá ara wọn sọ níbẹ̀ kò ju "ẹ kú ìnáwó", "ẹ ti wá sanra jù báyìí", àti "ẹ bá mi na ọwọ́ sí omi yẹn". Tí òde bá tú, a ó ti wà papọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ ẹnì kejì lọ́kàn.

Ní 1973, onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Robert Weiss, pín ìdánìkanwà sí ọ̀nà méjì, mo sì gbà pé ó mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀kan ni ti ẹni tí kò ní àwùjọ, tí kò sí ẹgbẹ́ tó ka á mọ́ra. Èkejì ni ti ẹni tí kò ní ẹnì kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọn dé inú. Weiss wo àwọn òbí tí ìgbéyàwó wọn tú tàbí tí ẹnì kejì wọn kú, tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn irú wọn. Ẹgbẹ́ náà fún wọn ní ìpàdé àti ẹ̀rín, ṣùgbọ́n àdáwà tó ń bá wọn lálẹ́ kò lọ. Ó tún wo àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílùú tuntun. Àwọn ìyàwó ní ọkọ tó fẹ́ràn wọn nílé, síbẹ̀ ara wọn kò balẹ̀, nítorí kò sí ojúgbà tí wọ́n lè yà sí. Oríṣi kan kò lè dí àlàfo èkejì.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn "máa jáde dáadáa" kò fi ṣe mí láǹfààní kankan. Mò ń jáde. Ẹgbẹ́ tí mo wà tó márùn-ún, mo sì jẹ́ akápò ọ̀kan níbẹ̀. Oríṣi kejì ló ń bá mi jà, ẹgbẹ́ kẹfà ò sì lè lé e lọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ rí o, kí ẹ má rò pé inú mi ló dí. Àwọn mẹ́ta kan wà tí a jọ sun yàrá kan náà ní ilé ìwé gíga, tí a jọ jẹ gàárì láìní ṣúgà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọ̀kan wà ní Àbújá. Ọ̀kan lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan wà ní Torónto, tí aago wọn fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó sì máa ń di mẹ́fà nígbà òtútù. Tí mo bá ráyè lálẹ́, ó ṣì wà níbi iṣẹ́. Tí òun bá ráyè, mo ti sùn. A máa ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wa, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí a ń sọ: ọ̀gá tó lé wa kúrò ní kíláàsì, ọmọbìnrin tó kọ̀ wá méjèèjì, gàárì náà. Wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́ lọ́mọ ogún ọdún dáadáa. Ẹni tí mo jẹ́ báyìí, tó ń gbé owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Fóònù lè tọ́jú ọ̀rẹ́ àtijọ́. Mi ò tíì rí i kó fi bẹ́ẹ̀ dá tuntun sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yé mi ni ìgbà tí mo ka iṣẹ́ Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kánsáàsì, tó jáde ní 2018. Ó bi àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn léèrè nípa ẹnì kan tí wọ́n pàdé níbẹ̀, iye wákàtí tí wọ́n ti lò pọ̀ àti bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Ó tún bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ohun tó rí ni pé ó ń gba nǹkan bí wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ojú lásán, nǹkan bí 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gidi, àti ohun tó lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Ìṣirò ọkàn àwọn èèyàn fúnra wọn ni, kì í ṣe pé ẹnì kan fi aago wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ má mú un bí òfin. Ó sì fi kún un pé wákàtí tí a fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tó èyí tí a fi ń ṣeré tàbí tí a kàn fi wà pọ̀.

Mo wá mú bírò. Ní yàrá ilé ìwé, tí a ń lo wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ pọ̀, 200 kò gbà wá ju ogúnjọ́ lọ. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń ṣe nǹkan kan. Ẹni tí mò ń bá pàdé níbi òde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ńkọ́? Wákàtí 12 lọ́dún nìyẹn, ká tiẹ̀ ní ariwo olórin kò dí wa létí. Ó máa gba ọdún 16 ó lé. Ẹni tí mo bá ń rí fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, wákàtí 104 ni lọ́dún, tó fi hàn pé ọdún méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Kì í ṣe pé àgbàlagbà kò lè lọ́rẹ̀ẹ́, tàbí pé ọkàn wa ti yigbì. Ibi tí a ti ń ríra ni kò ní wákàtí nínú.

Epo ló bá mi wá ọ̀rẹ́ tí mo ní báyìí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 500 kí oṣù Keje tó parí. Ọkùnrin kan wà ní òpópó kejì sí wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. A jọ gbà pé ká máa fi ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ: tèmi lọ́sẹ̀ yìí, tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Agogo márùn-ún ìdájí la ń gbéra. Tí a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lè dá wa dúró lórí afárá kẹta fún wákàtí kan gbáko.

Tí ẹ bá fi ti Hall ṣírò rẹ̀, a ti kọjá 200 láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń wọkọ̀ náà ló ṣì jẹ́. Bọ́ọ̀lù, rédíò, ìjọba, iye tí wọ́n ń ta epo ní ilé epo yìí àti ti tọ̀hún. Èmi fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, nítorí náà "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohun kan nìyí tí mo rò pé ó ń ṣe wá ní ilẹ̀ Yorùbá ju ibòmíì lọ. Àgbàlagbà méjì kò lè pàdé kí wọ́n má wádìí ọdún tí oníkálukú jáde ìwé mẹ́wàá, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa dọ̀bálẹ̀. Tí ipò bá ti dúró, iṣẹ́ ti pín: ẹ̀gbọ́n á máa gbani nímọ̀ràn, àbúrò á máa gbọ́. Ẹ̀gbọ́n kì í wí pé ẹ̀rù ń ba òun. Àbúrò kì í bi ẹ̀gbọ́n pé kí ló dé tí ojú yín fi rí báyìí. Àwọn tí a jọ wọ kíláàsì kan náà kò ní ìṣòro yìí, ó sì lè jẹ́ ìdí kan tí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe fi rọrùn.

Nítorí náà, ẹni tó dàgbà jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ọkọ̀ kò rìn, mo sọ fún un pé wọ́n fi mí sílẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n gbé ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ gorí mi. Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò dókítà. Ọ̀rọ̀ kékeré tí kò ní pa mí bó bá dé ìta ni mo mú. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé mọ̀?" Mo ní wọn ò tíì mọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìfaradà." Ó parí síbẹ̀, a sì padà sórí bọ́ọ̀lù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

Tí ẹ bá ń wá àmì, ìbéèrè kejì yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹni tó bá fún yín nímọ̀ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí tó ní kí ẹ lọ gbàdúrà sí i, tàbí tó ní tòun ju tiyín lọ, kò burú o, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ yín. Ẹni tó bá gbọ́ yín á padà wá béèrè. Mo tún dúró wò bóyá ọ̀rọ̀ náà máa gba ẹnu ìyàwó rẹ̀ padà sí etí ìyàwó mi. Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù tí a ní fún aráyé kì í ṣe àròsọ. Gbogbo wa la mọ ẹni tí àṣírí rẹ̀ di orin lẹ́nu àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìbẹ̀rù yẹn pa ẹnu dé pátápátá kò ní lọ́rẹ̀ẹ́, ẹni tó sì da gbogbo inú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í pẹ́ tí ojú fi ń tì í láti rí ẹni tó sọ ọ́ fún. Mo ti rí irú èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n á jọ sunkún lálẹ́ ọjọ́ ìsọjí, tó bá di ọjọ́ Ìsinmi wọ́n á máa fi ẹ̀yìn pàdé. Díẹ̀ díẹ̀ ló dára, kí tirẹ̀ náà sì máa wá.

Tirẹ̀ wá. Oṣù kan ó lé lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé kíndìnrín bàbá òun ti bàjẹ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, òun sì ti yáwó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù èèyàn bí ọjọ́ bá kọjá. Ìyẹn ló dé tó fi ń fò bí fóònù rẹ̀ bá dún. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wù mí kí ẹ sìn mí dé ọsibítù ní Sátidé." Kò béèrè owó. Ẹni tí wọ́n jọ máa jókòó ló ń wá.

Fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. A jókòó sórí bẹ́ńṣì onípákó lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, kò sí iná láti fi gba fóònù sí, kò sí rédíò, kò sí ọkọ̀ tí a ń wa. Nígbà tí bàbá náà jáde, ó wo èmi àti ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti jẹun?" Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yàtọ̀. Ohun tí mo fi kọ́ ara mi ni pé bíbéèrè ìrànlọ́wọ́ kékeré máa ń so èèyàn pọ̀ ju ṣíṣe é lọ. Àwa ọkùnrin mọ bí a ṣe ń ṣe é fúnni dáadáa. Bíbéèrè ló ń le.

Kò pẹ́ ni ilé iṣẹ́ Bàbá Ìbejì gbé e lọ sí Ìkẹjà. Ọkọ̀ pínyà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ àgbàlagbà máa ń kú sí, láìsí ìjà kankan. Ní 1950, Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́ tiwọn, tàbí tí wọ́n ń pàdé lórí àtẹ̀gùn, ni ọ̀pọ̀ wọn yàn lọ́rẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀nà ló ń yan ọ̀rẹ́ fún wa ju bí a ṣe rò lọ. Tí ọ̀nà bá yà, èèyàn gbọ́dọ̀ la òmíràn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, "a máa ríra o" là ń kọ síra wa, ẹni tó bá sì mọ Èkó mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Mo pè é, mo ní kí a fi ọjọ́ sí i: ọjọ́ Ìsinmi, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ayò ọlọ́pọ́n. Ìpè kò sí níbẹ̀, kò sí "ṣé ẹ wà nílé?" Tí ẹnì kan kò bá ní lè wá, á sọ ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀ kan náà lójú ẹsẹ̀. A gbà pé a ò gbọ́dọ̀ fo ọ̀sẹ̀ méjì léra. Bí àjọ ni: ẹni tó bá ń dá a nígbà tó bá wù ú kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ ní òpin oṣù.

Mi ò yan ayò lásán. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kò sinmi, ojú sì wà lórí ọpọ́n. Ọkùnrin tí kò lè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú kó sọ ohun tó ń dùn ún lè sọ ọ́ nígbà tó bá ń ka ọmọ ayò. Àárín ayò ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tèmi fún un níkẹyìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tó ti ń yọ kíndìnrín lẹ́nu díẹ̀; oògùn ni mò ń lò, ó sì ti ń rọlẹ̀. Ó ka ọmọ ayò rẹ̀ tán kó tó fèsì. Ó ní, "Ìwọ náà!" Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú." Mo ní kò sí ìbínú níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, "o" àti "ẹ" ti ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, pàápàá tó bá pa mí láyò, tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀ta, tó sì ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpè.

Ohun kan wà tó máa ń fẹ́ ba irú nǹkan báyìí jẹ́. John Cacioppo, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìdánìkanwà ní Yunifásítì Ṣikágò, sọ pé ẹni tó ti dá wà pẹ́ máa ń ṣọ́ ewu láàárín èèyàn láìmọ̀. Ó tètè ń rí ìkọ̀sílẹ̀ níbi tí kò sí. Bí Bàbá Ìbejì kò bá dáhùn fún ọjọ́ méjì, ọkàn mi á ti kọ ìtàn rẹ̀ tán: mo ti sọ̀rọ̀ jù, ó ti sú u. Tí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, màá béèrè lójúkojú. Dátà ló tán, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló ju fóònù sínú omi. Ọjọ́ tó ti dúró lórí kàlẹ́ńdà ló ń gbà mí lọ́wọ́ ìtàn wọ̀nyẹn, torí kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí n tó rí i. Ní ti owó, a kò yá ara wa. Ẹni tó bá ní á fún ẹnì kejì ní ohun tí kò ní béèrè padà, ẹni tí kò bá ní á sọ pé òun kò ní.

Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ kò gba ẹlẹ́ta. Mo gbà, bó bá jẹ́ ní orí ọpọ́n kan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ìkejì ní ibòmíràn, nítorí Bàbá Ìbejì náà ti ń kàwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì ti ń to ìwé wọn jọ. N kò bá a jà. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, màá ṣe bẹ́ẹ̀. Robin Dunbar, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti Yunifásítì Oxford, sọ pé èèyàn bíi márùn-ún péré ni ọkàn wa lè gbà sí ibi tó jinlẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè mọ nǹkan bí 150. Mi ò nílò márùn-ún. Méjì tó mi.

Bàbá kan wà tí a jọ ń rìn láàárọ̀ Sátidé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Níbẹ̀, èmi ni àbúrò, nítorí náà mò ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa sọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí orúnkún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì kan, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn mọ̀ pé kò yé àwọn. Mo ti sọ fún wọn pé màá mú gíláàsì ìkàwé mi dání bí a bá ti rìn tán.